Òǹtẹ̀ Kékeré Ara Páálí: Ta Ni Wọ́n Kọ Ọ́ Fún?

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára agolo mílíìkì tàbí páálí ẹran dídì tó wá láti Yúróòpù, èyí tó kéré jù lọ ló ṣeé gbára lé jù. Àwòrán màlúù nínú pápá tútù yọ̀yọ̀, ti olówó ọjà ni, ó sì lè jẹ́ pé màlúù tó fún wọn ní wàrà kò fi ẹsẹ̀ tẹ irú pápá bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ gàdàgbà tó wà lókè náà, olówó ọjà ló ni ín. Ṣùgbọ́n ní igun kan, lọ́pọ̀ ìgbà nítòsí ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ tí ọjà máa bàjẹ́ sí, ẹ ó rí òǹtẹ̀ kan tí ìrísí rẹ̀ dà bí ẹyin adìyẹ tí a fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀: lẹ́tà méjì lókè, nọ́ńbà láàárín, lẹ́tà méjì mìíràn nísàlẹ̀. Iṣẹ́ kékeré yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò bí a ti ń yẹ ìwé wò. Kí ló sọ? Kí ni kò sọ? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Bó bá sì dé Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà, ṣé ẹnikẹ́ni ń gbọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kà á. Lẹ́tà òkè ń sọ orílẹ̀-èdè: IE ni Áyálàǹdì, NL ni Hóláǹdì, DK ni Dẹ́nmáàkì, FR ni Faransé, PL ni Pólàǹdì. Lẹ́tà ìsàlẹ̀ dúró fún Àwùjọ Yúróòpù, èdè oníkálukú ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́, nítorí náà ni ẹ ṣe máa ń rí EC lára ọjà Áyálàǹdì, CE lára ti Faransé, EG lára ti Hóláǹdì àti Jámánì, EF lára ti Dẹ́nmáàkì, WE lára ti Pólàǹdì. Ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ààlà wọn kò gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà ìsàlẹ̀ yẹn sí i, kódà bí wọ́n bá gbà á láyè láti kó ọjà wá. Láti ọdún 2021 ni Bìrìtéènì náà ti bọ́ sí ẹgbẹ́ yẹn, GB tàbí UK nìkan ló kù nínú tiwọn, àyàfi àwọn ará Áyálàǹdì ti Àríwá tí wọ́n ṣì ń lo UK(NI) pẹ̀lú EC. Nàìjíríà náà wà lára àwọn tí wọ́n gbà láyè, ṣùgbọ́n ẹja àti edé ni, kì í ṣe ẹran màlúù, kì í ṣe wàrà.

Àárín ni iṣu ọ̀rọ̀ wà. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe nọ́ńbà ọjà, kì í ṣe nọ́ńbà ẹni tó ni orúkọ ọjà. Nọ́ńbà ilé ni: ilé kan pàtó, ní ìlú kan pàtó, tí ìjọba wọ inú rẹ̀, tó wo ilẹ̀, omi, ògiri, firísà àti ìwé rẹ̀, kó tó sọ pé ẹ lè máa ṣe oúnjẹ níbí. Bí ìjọba bá gba àṣẹ náà padà, ilé náà kò gbọ́dọ̀ tẹ òǹtẹ̀ mọ́, ọjà tí kò bá sì ní òǹtẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jáde.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì mú níbí. Òǹtẹ̀ méjì ló wà tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, àmọ́ ìwà wọn yàtọ̀. Èkíní ni ti odindi ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Dókítà ẹranko tí ìjọba yàn ló ni àṣẹ lórí ìyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti yẹ ẹran náà wò láàyè, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí wọ́n pa á tán, kí wọ́n tó fi aró tàbí irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Òfin sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó: ó kéré tán, sẹ̀ǹtímítà 6.5 ní ìbú àti 4.5 ní gíga. Bí wọ́n bá sì là á sí méjì tàbí mẹ́rin, apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Èkejì ni ti inú ike, agolo àti páálí. Kò sí dókítà kankan níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́, pọ̀ mọ́ àwòrán màlúù yẹn, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́. Èkíní jẹ́ ìdájọ́ lórí ẹran kan, èkejì kò ju ìbuwọ́lù ilé kan lọ. Ẹni tó bá di agolo mú tó ní “wọ́n ti yẹ èyí wò” ti fún òǹtẹ̀ náà ní iṣẹ́ tí kò gbà.

Síbẹ̀, ìbuwọ́lù ilé kì í ṣe ohun kékeré, ìtàn ilé-iṣẹ́ kan ní Craon, ní ìpínlẹ̀ Mayenne ní Faransé, sì jẹ́ ká rí ìdí rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2017, àwọn ọmọ ọwọ́ tí iye wọn lé ní 35 kó kòkòrò àrùn salimonẹ́là, ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Agona, láti inú mílíìkì ẹlẹ́bu. Orúkọ tó wà lára àwọn mílíìkì náà kì í ṣe ọ̀kan. Picot wà níbẹ̀, Milumel wà níbẹ̀, àwọn mìíràn náà sì wà. Ìyá tó bá ń wo orúkọ nìkan lè ju Picot nù kó lọ ra ohun tó rò pé ó yàtọ̀, kó sì tún jẹ́ pé inú ilé kan náà ni méjèèjì ti jáde. Lactalis ló ni ilé náà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dá díẹ̀ padà. Ọjọ́ kẹwàá, wọ́n fi kún un. Ọjọ́ kọkànlélógún, wọ́n ní gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀ láti àárín oṣù Kejì ọdún yẹn. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní 2018, wọ́n sọ pé gbogbo mílíìkì ọmọ ọwọ́ tó ti Craon jáde, láìku ẹyọ kan. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà sọ pé orílẹ̀-èdè 83 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, àti àpótí mílíọ̀nù 12.

Bí Faransé ṣe ń to nọ́ńbà tiwọn ló jẹ́ kí ìtàn yìí yé ni. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ìpínlẹ̀, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni ìlú, èyí tó gbẹ̀yìn ni ilé. Mayenne ni 53, Craon ni 084. Nítorí náà, òǹtẹ̀ tó bá ti Craon wá á bẹ̀rẹ̀ báyìí:

```
FR
53.084.…
CE
```

Ẹni tó bá mọ ìyẹn kò ní láti há àkójọ orúkọ ọjà sórí. Á yí àpótí padà, á wo ìlà kejì, á sì mọ̀ bóyá kóun wá nọ́ńbà ilé tó kẹ́yìn. Ìkéde ìjọba kò gba ọ̀nà yìí o. Orúkọ ọjà àti nọ́ńbà ìdìpọ̀ ni wọ́n ń kà fún àwọn òbí, àkójọ náà sì ń gùn sí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Apá kan ìtàn náà tún wà tó wú mi lórí ju èyí lọ. Ní ọdún 2005, ọmọ tó lé ní 140 ti kó Agona kan náà láti ilé kan náà. Nígbà yẹn Celia ló ni ín. Lactalis rà á ní 2006. Nígbà tí Institut Pasteur fi kòkòrò ti 2005 wé ti 2017, wọ́n rí i pé ìran kan náà ni, pé kò tíì kúrò nínú ilé náà. Olówó yí padà, kòkòrò ń gbé inú ilé rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó ronú pé ilé ló yẹ kí òǹtẹ̀ dárúkọ, kì í ṣe olówó, mọ ohun tó ń ṣe.

Ó kù síbi kan. Òfin Yúróòpù ti ọdún 2004, èyí tó dá òǹtẹ̀ náà sílẹ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, sọ pé bí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá tú ọjà tàbí tó fi ọwọ́ kàn án láti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, òǹtẹ̀ tuntun gbọ́dọ̀ wọlé, nọ́ńbà ilé tuntun yìí ni yóò sì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ìkẹyìn nìkan ni ẹ ó máa rí. Ní oṣù Kejì 2013, wọ́n yẹ lasáńyà Findus tí wọ́n ń tà ní Bìrìtéènì wò. Nínú 18 tí wọ́n yẹ̀ wò, 11 ni ẹran inú wọn jẹ́ ẹran ẹṣin, láti ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún títí dé gbogbo rẹ̀. Capellen ní Lúsẹ́ḿbọ̀ọ̀gì ni wọ́n ti se é, ibẹ̀ sì ni òǹtẹ̀ rẹ̀ ń tọ́ka sí. Kò parọ́. Ròmáníà ni wọ́n ti pa ẹṣin náà, wọ́n sì tà á bí ẹṣin. Ìwé rẹ̀ gba ọwọ́ àwọn oníṣòwò ní Sípírù àti Hóláǹdì kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ Spanghero ní gúúsù Faransé, ibẹ̀ ni ó ti di “màlúù”. Ilé tó ní àṣẹ ni Spanghero, ìjọba Faransé sì gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ lóṣù yẹn. Gbogbo òǹtẹ̀ ojú ọ̀nà yẹn ló sọ òótọ́ nípa ibi tí ẹran wà, kò sí ọ̀kan tí wọ́n bi léèrè pé kí ni ẹran náà.

Mo lè fojú fo ìyẹn, nítorí kò sí òǹtẹ̀ kan tó lè gba iṣẹ́ ọlọ́pàá ṣe. Èyí tí n kò lè fojú fò ni gbólóhùn kan nínú òfin náà. Ó ní òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé kà, kò gbọ́dọ̀ ṣeé parẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ hàn kedere sí àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó o. Àwọn aláṣẹ! Wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà wọn ti ara ẹran, ti ara páálí kò ní ìwọ̀n kankan. Òǹkọ̀wé tó mọ ẹni tó ń kọ̀wé sí ni, òǹkàwé rẹ̀ sì jókòó nínú ọ́fíìsì. Ohun tó tìdí rẹ̀ yọ ni pé nígbà ọ̀rọ̀ Craon, àwọn ilé ìtajà ńlá bíi Leclerc, Carrefour àti Auchan jẹ́wọ́ pé àwọn ṣì ta lára àwọn mílíìkì náà lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ. Ẹni tó ń gba owó kò kà á, ẹni tó ń sanwó kò mọ̀ pé òun lè kà á.

Ká wá sọ ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ sílé. Ìjọba Nàìjíríà kò gbà kí wọ́n kó adìyẹ tàbí tòlótòló dídì wọlé. Òun ló wà lókè pátápátá nínú àkójọ ohun tí kọ́sítọ̀ọ̀mù fi òfin dè. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gbà á ní tirẹ̀, nítorí náà Kútọnu ni páálí ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kó o wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ ó rí i ní firísà àwọn oníyìnyín, ní Ìkàrẹ́ nítòsí Ọjà Ọ̀sẹ̀lẹ̀, ní Ìwárò ní Ọ̀kà, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ọlọ́jà ni “tọ́kì” àti “adìyẹ ọ̀rọ̀bọ̀”. Bí ẹ bá bá páálí kan níbẹ̀ tó ní PL lókè àti WE nísàlẹ̀, nọ́ńbà mẹ́jọ ló máa wà láàárín. Méjì àkọ́kọ́ ni ìpínlẹ̀ ní Pólàǹdì, méjì kejì ni ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba wọn to gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí síta pẹ̀lú orúkọ ilé àti àdírẹ́sì, kò sì sí ohun tó ní kí ẹni tó wà ní Àkùngbá pẹ̀lú fóònù má lè wò ó.

Àmọ́ kí ló máa mọ̀ lẹ́yìn tó bá wò ó tán? Á mọ ilé tí wọ́n ti gé tọ́kì náà tí wọ́n sì dì í. Kò ní mọ oye ọjọ́ tó lò nínú oòrùn láti Kútọnu. Ìwọ̀n òtútù 18 lábẹ́ òdo ni irú ẹran bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láti ilé-iṣẹ́ títí dé firísà, òǹtẹ̀ kò sì ní ojú tó lè fi ṣọ́ ìyẹn. Ohun tí ojú ẹni lè rí ni ó kù: bí ìyìnyín aláwọ̀ ẹ̀jẹ̀ bá dì sí ìsàlẹ̀ ike, tí àwọn itan lẹ̀ mọ́ ara wọn di òkúta kan, tí páálí ti rọ̀ tó sì tún gbẹ, ẹran náà ti yọ́ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó tún un dì. Àwọn ìyá tó ń ta á mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Kété tí wọ́n bá sì ti ya páálí, tí wọ́n kó tọ́kì sórí àtẹ, òǹtẹ̀ ti bá páálí lọ, páálí sì ti di ohun ìdáná. N kò ní fi èyí bú ọlọ́jà wa. Ní Yúróòpù pàápàá, ìsọ̀ tó ń gé ẹran fún ẹni tó máa lọ sè é kò nílò òǹtẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìwé lọ́wọ́ tó fi hàn pé ọ̀dọ̀ lágbájá ni òun ti rà á. Ìwé yẹn ni kò sí lọ́dọ̀ wa, ọjà tó gba ẹ̀bùrú kò sì lè ní in. Bákan náà ni mílíìkì ẹlẹ́bu tí wọ́n ń bù tà nínú ọ̀rá. Àpò ńlá tó ti wá ní òǹtẹ̀ lára, oníṣòwò tó tú u ló mú àpò náà sọ́wọ́.

A ní tiwa náà. Òfin tó dá NAFDAC sílẹ̀ jáde ní 1993, Dókítà Dora Akunyili tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ láti 2001 sí 2008 ló sì kọ́ tọmọdé tàgbà láti máa yí ọjà padà wá nọ́ńbà. Ohun tí n kò gbọ́ pé àwọn Yúróòpù ṣe tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn: kí aláṣẹ jáde sí gbangba láti kọ́ ìyá ọlọ́mọ ní bí wọ́n ṣe ń ka òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà NAFDAC, ti ọjà ni. Ilé kan tó ń ṣe ọjà mẹ́wàá máa ní nọ́ńbà mẹ́wàá, nọ́ńbà náà nìkan kò sì lè sọ fún yín pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ohun tó ń gbà wá ni àdírẹ́sì. Òfin wa ní kí ẹni tó ṣe ọjà kọ orúkọ àti ibi tó wà sára rẹ̀ ní kíkún. Òfin tiwọn gbà kí olówó ọjà kọ àdírẹ́sì tirẹ̀, kó sì fi ilé tí wọ́n ti ṣe é pamọ́ sínú nọ́ńbà. Fún ìyá tó ní ìsọ̀ ní Ọ̀kà, àdírẹ́sì tí wọ́n kọ gbangba wúlò ju nọ́ńbà mẹ́jọ ti Pólàǹdì lọ. Lórí èyí, a jù wọ́n lọ.

Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ẹjọ́ mìíràn tí wọ́n ń bá òǹtẹ̀ náà ṣe. Ewúrẹ́ tí a fi iná wi irun rẹ̀, tí awọ rẹ̀ pọ́n tó sì ń ta sánsán, kò lè gba òǹtẹ̀ níbẹ̀ bó ti wù kó mọ́ tó, nítorí òfin ní kí wọ́n bó awọ ewúrẹ́ àti àgùntàn kúrò pátápátá kí dókítà tó tẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni wọ́n fi awọ sílẹ̀ fún lódindi, oúnjẹ tiwọn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò kan ṣe ń wi ewúrẹ́ ní kọ̀rọ̀ oko, tí wọ́n ń tà á lábẹ́ àtẹ, láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. FSA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ níbẹ̀, ti ṣe ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe lè ṣe é lọ́nà tó mọ́. Ibí ni mo ti rí àbùkù tó wúwo jù lára iṣẹ́ yìí. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìmọ́tótó nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn kan mọ̀ lóúnjẹ àti ohun tí wọn kò mọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sọ ọ́ jáde.

Lórí tábìlì àwọn alápatà tí mo máa ń dúró sí ní Ìkàrẹ́, n kò rí aró kankan lára ẹran. Ẹni tó pa á ló ń tà á, a mọ ilé rẹ̀, a sì mọ odò ẹran tó ti bọ̀. Níbi tí ọ̀nà kúrú tó bẹ́ẹ̀, n kò rí ohun tí òǹtẹ̀ lára itan fẹ́ fi kún un fún ẹni tó ń rà. Ọ̀nà jíjìn ni òǹtẹ̀ wà fún, níbi tí ẹni tó jẹ ẹ́ kò ní rí ẹni tó pa á láé. Bó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n ní kí n tún òfin 2004 yẹn kọ, ibi méjì ni mo máa fọwọ́ kàn. Èkíní, níbi tí wọ́n ti ní kó hàn kedere sí àwọn aláṣẹ, màá fi ẹni tó ń rà á kún un, màá sì fún lẹ́tà ara páálí ní ìwọ̀n bí wọ́n ṣe fún ti ara ẹran. Èkejì, lábẹ́ nọ́ńbà, màá ní kí wọ́n kọ orúkọ ìlú. Lára àpótí Picot ọdún 2017, “Craon” nìkan ni ìyẹn ì bá fi kún un, lẹ́tà márùn-ún péré.